ÌDÁJỌ́ ÌFOHÙNṢỌ̀KAN LÓRÍ Ẹ̀SÙN OMI ÒJÒ ÀTI ÒGIRI TÓ LA

Ẹjọ́ nọ́mbà 214 ti ọdún 2025, láàárín Olùpẹjọ́, ẹni tó ni ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àti Olùjẹ́jọ́, ẹni tó ni ilé tó wà lókè rẹ̀. Orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn méjèèjì wà lórí ìwé ìpẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ gbà ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2025, àwọn gan-an sì ni ìdájọ́ yìí ń bá wí.

OHUN TÓ DÁ ẸJỌ́ SÍLẸ̀

Ẹ̀sùn Olùpẹjọ́ ni pé nígbà tí Olùjẹ́jọ́ pààrọ̀ òrùlé ilé rẹ̀, ó na páìpù tó ń gba omi òjò kọjá ààlà ilẹ̀ rẹ̀, débi pé ẹnu páìpù náà kọjú sí ògiri yàrá ìhà òkè ilé Olùpẹjọ́, kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ sí fèrèsé. Omi tó ń tú jáde níbẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ìdí ògiri, ògiri sì la láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé. Ẹnjiníà tí àwọn méjèèjì jọ yàn wọn ojú ibi tó la, ó sì jẹ́ mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 40 ní gígùn. Olùjẹ́jọ́ kò gbà pé òun ló fa á. Ó ní ìpìlẹ̀ náà kò lágbára tẹ́lẹ̀, ó sì fi ẹ̀sùn tirẹ̀ kún un pé ẹ̀ka igi tó wà nínú ọgbà Olùpẹjọ́ ń da ewé sínú ọ̀nà omi òrùlé òun.

Ilé ẹjọ́ kò gbọ́ ẹ̀rí lórí èwo ni òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sì pinnu rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́jọ́ fúnra wọn ló yàn láti lọ sọ́dọ̀ onílàjà, wọ́n jókòó ní ọjọ́ 6 àti ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2025, agbẹjọ́rò oníkálukú sì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ló wà nísàlẹ̀ yìí, wọ́n sì bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ó sọ ọ́ di ìdájọ́, kí ẹni tí wọ́n bá yẹ àdéhùn fún má baà ní láti tún pe ẹjọ́ tuntun kí ó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà.

PẸ̀LÚ ÌFOHÙNṢỌ̀KAN ÀWỌN ẸLẸ́JỌ́, ILÉ ẸJỌ́ PÀṢẸ BÁYÌÍ:

1. Olùjẹ́jọ́ yóò yọ páìpù tí a ti sọ lókè yìí kúrò, yóò sì darí gbogbo omi òrùlé rẹ̀ sínú ọ̀nà omi tí yóò là sínú ilẹ̀ tirẹ̀, tí yóò sì gbé e jáde sí gọ́tà ojú títì, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2025 tó lù. Láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ tún sí páìpù, ọ̀nà omi tàbí ohun mìíràn tí yóò máa da omi òrùlé Olùjẹ́jọ́ sórí ilẹ̀ tàbí sára ògiri Olùpẹjọ́. Òjò tó bá rọ̀ tààrà láti ojú ọ̀run sórí ilẹ̀ Olùpẹjọ́ kò sí nínú àṣẹ yìí.

2. Olùjẹ́jọ́ yóò tún ògiri náà ṣe ní owó ara rẹ̀, kí ó tó di ìparí ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2025. Ohun tí a ń pè ní títúnṣe níhìn-ín ni kí wọ́n wa ìdí ògiri náà dé ìpìlẹ̀, kí wọ́n da kọnkéré sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí omi ti gbẹ́, kí wọ́n yọ bíríkì tó ti là kúrò, kí wọ́n fi òmíràn sí i, kí wọ́n rẹ́ ẹ nínú àti lóde, kí wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ tó bá ara ògiri yòókù mu. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n kàn fi dí ojú ibi tó la kì í ṣe títúnṣe.

3. Ẹnjiníà tí àwọn méjèèjì jọ yàn yóò wá wo iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ 5 tí Olùjẹ́jọ́ bá fi ìwé sọ pé ó ti parí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó bá abala 2 mu. Ohun tí ó bá kọ ni àwọn méjèèjì yóò gbà. Bí ó bá ní ohun kan kù, Olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 10 láti ṣe é. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ san owó iṣẹ́ ẹnjiníà, ìdajì ìdajì.

4. Olùpẹjọ́ yóò ṣí ẹnubodè rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ Olùjẹ́jọ́ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2025 títí iṣẹ́ yóò fi parí, yóò sì jẹ́ kí wọ́n lo omi inú ọgbà rẹ̀ fún pípo sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá dé tí wọ́n bá ẹnubodè ní títì, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí èyí bá ṣẹlẹ̀ ni a ó fi kún ọjọ́ tí a fún Olùjẹ́jọ́ nínú abala 2, kò sì ní jẹ́ pé ó yẹ àdéhùn nítorí ìyẹn.

5. Kí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2025 tó kọjá, Olùpẹjọ́ yóò gé gbogbo ẹ̀ka igi rẹ̀ tó bá na kọjá ààlà. Kò sí lára àdéhùn yìí pé kí ó gé igi náà lulẹ̀.

6. Fún owó tí Olùpẹjọ́ ti ná lórí àjà ilé àti ohun èlò yàrá tí omi bà jẹ́, Olùjẹ́jọ́ yóò san 480,000 fún un ní owó orílẹ̀-èdè tí ilé ẹjọ́ yìí wà. Ó ti san 120,000 nínú rẹ̀, agbẹjọ́rò Olùpẹjọ́ sì jẹ́rìí sí i pé owó náà ti wọlé. Yóò san 120,000 mìíràn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, 120,000 ní ọjọ́ 31 oṣù keje, àti 120,000 tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Àpò owó tí yóò san án sí ni èyí tó wà nínú lẹ́tà agbẹjọ́rò Olùpẹjọ́ ti ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, tó wà nínú fáìlì ilé ẹjọ́. A kò kọ nọ́mbà rẹ̀ síhìn-ín nítorí pé ìwé tí ẹnikẹ́ni lè bèèrè láti kà ni ìdájọ́ yìí.

7. Bí owó kan nínú àwọn tó wà ní abala 6 kò bá tíì wọlé nígbà tí ọjọ́ 7 bá pé lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ó san án, gbogbo èyí tó kù yóò di sísan lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìkìlọ̀ mìíràn, èlé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún yóò sì máa gorí rẹ̀ láti ọjọ́ náà títí yóò fi san án tán. Olùpẹjọ́ lè wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́ nígbà náà pẹ̀lú ìwé ìbúra kan ṣoṣo tó sọ iye tó kù, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà ní gbogbo ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún gbígba gbèsè ìdájọ́, ìbáà ṣe nínú owó Olùjẹ́jọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí nínú ẹrù rẹ̀.

8. Bí Olùjẹ́jọ́ kò bá ṣe ohun tó wà ní abala 1 tàbí 2 lásìkò, Olùpẹjọ́ yóò kọ̀wé sí i, yóò sì fún un ní ọjọ́ 7. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè gbé iṣẹ́ náà fún òṣìṣẹ́ mìíràn, kí ó sì wá gba iye tí ẹnjiníà bá fọwọ́ sí pé ó tọ́ lọ́wọ́ Olùjẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí gbèsè ìdájọ́. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilẹ̀ Olùjẹ́jọ́ ni iṣẹ́ náà wà, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀; ilé ẹjọ́ ni yóò tọ̀ wá. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ àṣẹ tó wà níhìn-ín, ìbáà ṣe Olùpẹjọ́ tàbí Olùjẹ́jọ́, lè wá dáhùn fún àfojúdi sí ilé ẹjọ́.

9. Pẹ̀lú ìdájọ́ yìí, ẹ̀sùn Olùpẹjọ́ àti ẹ̀sùn tí Olùjẹ́jọ́ fi kún un ti parí, kò sì sí èyí tó lè tún gbé e wá sí ilé ẹjọ́ kankan, àyàfi láti mú ìdájọ́ yìí ṣẹ. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi.

10. Ohun tí wọ́n sọ níwájú onílàjà, ìwé tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti iye tí oníkálukú kọ́kọ́ dá kò gbọdọ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí níbikíbi, a kò sì gbọdọ̀ pe onílàjà láti wá jẹ́rìí. Kìkì ohun tó wà nínú ìwé yìí ni ilé ẹjọ́ lè mú ṣẹ. Nítorí náà ni a ṣe yọ ìlérí kan kúrò nínú àṣẹ, èyí tí Olùjẹ́jọ́ ṣe pé òun yóò tọrọ àforíjì. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lójúkojú ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, Olùpẹjọ́ sì gbà á, àmọ́ kò sí bélífù tó lè lọ gba àforíjì lẹ́nu ẹni.

11. Oníkálukú yóò san owó agbẹjọ́rò rẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn lè padà wá sí ilé ẹjọ́ yìí fún àlàyé lórí bí a ó ṣe mú àṣẹ yìí ṣẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti yí àdéhùn náà padà, àfi bí àwọn méjèèjì bá jọ kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bẹ́ẹ̀.

BÍ ILÉ ẸJỌ́ ṢE GBÀ Á WỌLÉ

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn ẹlẹ́jọ́ méjèèjì wà ní ilé ẹjọ́ pẹ̀lú agbẹjọ́rò wọn. Wọ́n ka ìwé yìí sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé ẹjọ́ bi oníkálukú ní ẹnu ara rẹ̀ bóyá ó yé e, bóyá ẹnikẹ́ni fi ipá mú un tàbí tàn án, àti bóyá ó mọ̀ pé òun kò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ tí òun fúnra òun gbà sí láìkọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Olùpẹjọ́ ní ó yé òun. Olùjẹ́jọ́ béèrè ohun kan lórí abala 2: nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá, “láìpẹ́” ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò dá a lójú ìgbà tí bíríkì yóò dé. Ilé ẹjọ́ ṣàlàyé pé “láìpẹ́” kò ní ọjọ́ tí a lè kà, nítorí náà kò sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé wọ́n ti rú u. Àwọn agbẹjọ́rò jáde fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 20, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ọjọ́ 25 oṣù keje. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́, wọ́n kọ ọjọ́ náà síbẹ̀, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó dá ilé ẹjọ́ lójú pé ìfẹ́ inú àwọn ẹlẹ́jọ́ ni àdéhùn yìí, pé kò lòdì sí òfin, pé kò di ẹrù lé ẹnikẹ́ni tí kò sí nínú ẹjọ́ lórí, àti pé ilé ẹjọ́ yìí ní agbára láti pa gbogbo àṣẹ tó wà nínú rẹ̀. A gbà á wọlé, a sì sọ ọ́ di ìdájọ́ ilé ẹjọ́ yìí láti òní lọ.

Olùpẹjọ́, Olùjẹ́jọ́ àti agbẹjọ́rò wọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé yìí níwájú akọ̀wé ilé ẹjọ́. Onílàjà fọwọ́ sí i láti jẹ́rìí pé òun ló bójú tó ìjókòó méjèèjì. Adájọ́ fọwọ́ sí i, a sì lu èdìdì ilé ẹjọ́ lé e, ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ṣe: ọ̀kan fún oníkálukú ẹlẹ́jọ́, ọ̀kan fún fáìlì.