Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Máa Lò Lórí Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ó máa ròyìn bọ́ọ̀lù láti pápá MKO Abíọ́lá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kú ìmúrasílẹ̀.

Ọfusáìdì ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè é ní "ìta ẹ̀gbẹ́". Awakọ̀ kan pè wá láti Nyanya, ó ní ṣé bọ́ọ̀lù ti jáde ni. Kò jẹ̀bi: kò rí pápá, ẹnu wa ló fi ń wò ó. Láti ìsinsìnyí, "ó ti ṣáájú" ni a ó máa wí, kí a sì pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní "ìṣáájú". Bí àyè bá wà, ẹ là á yé wọn: nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ó ti wà ní ìdajì pápá àwọn alátakò, ó ti kọjá bọ́ọ̀lù, àwọn alátakò tó kù níwájú rẹ̀ kò sì pé méjì, aṣọ́lé pẹ̀lú. Ìgbà tí wọ́n gbá a la ń wò, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣáájú tí kò dá sí eré kò ṣẹ̀ o, ẹ má sáré pariwo. Tó bá jẹ́ pé láti kọ́nà, tàbí níbi tí wọ́n ti fọwọ́ jù ú wọlé, ni bọ́ọ̀lù ti bá a tààrà, kò sí ìṣáájú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sílé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ wí, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ayò náà jẹ́ tirẹ̀. Ní Brasília lọ́dún 2014, ẹni tó bá ròyìn rẹ̀ dáadáa á ní: "Ayò! Yobo gbá a sílé Nàìjíríà! Faransé 2, Nàìjíríà 0!" Ó parí. Ẹ má fi "ọ̀dàlẹ̀" kún un. Ọdún 1994 ni Escobar ti Kòlóńbíà gbá irú ẹ̀ wọlé nínú Ife Àgbáyé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yìnbọn pa á nílùú rẹ̀.

Pẹnáritì, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ pẹnáritì. Ó dùn mí díẹ̀, torí àwọn Haúsá tó wà nítòsí wa rí i sọ lẹ́wà: ìgbá tó ku ìwọ àti ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n. Ẹ lè fi tiwa dá a lóhùn: "Ó ku òun àti aṣọ́lé, ìwọ̀n mítà 11!" Káàdì pupa kò le. Ẹni tó bá gbá ayò mẹ́ta wọlé, "ayò mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan" ti tó.

Àwọn ará Kàbà àti Ìlọrin wà lára àwọn tó ń gbọ́ wa, ẹ má jẹ́ kí àdúgbò yín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ pàdé mi ní agogo kan ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ká jọ fi ẹnu dá a wò.