Kíkẹ́ àti Ẹ̀rọ Aláriwo

Orí ti ń fọ́ Kíkẹ́, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan. Bó bá jí láàárọ̀, orí á fọ́ ọ. Bó bá jókòó ti ìwé rẹ̀ níléèwé, orí á tún bẹ̀rẹ̀. Màmá bá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyinjú rẹ̀, wọ́n ní kó rìn lórí ìlà, wọ́n fi òòlù rọ́bà kékeré kan orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ta fúnra rẹ̀. Kíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà ní, "Kíkẹ́, mo fẹ́ rí inú orí rẹ. A ò ní là á o! Ẹ̀rọ kan wà tó ń ya fọ́tò inú ara. Ẹ́m-Áà-Áì là ń pè é. Kì í dunni."

Wọ́n fi àwòrán ẹ̀rọ náà hàn án. Ó funfun, ó tóbi, ihò rìbìtì kan wà láàárín rẹ̀, ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́nu ihò náà.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Kíkẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán. "Màmá, ṣé inú ihò yẹn ni wọ́n máa tì mí sí?"

"Ẹnì kan ò ní tì ọ́, Àjíkẹ́ mi. Orí ibùsùn lo máa sùn sí, ibùsùn á sì rọra gbé ọ wọlé."

"Tí ihò yẹn bá wá pa dé mọ́ mi ńkọ́?"

"Kò lè pa dé. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ọmọrí. Ó ṣí níwájú, ó ṣí lẹ́yìn."

Kíkẹ́ rò ó títí. "Tí Nẹ́pà bá wá mú iná ńkọ́?"

Màmá ò mọ èsì ìyẹn. "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Tá a bá débẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kó o bi wọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì. Wọ́n ní kí Kíkẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kó má mira, bó ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń ṣe bojúbojú, tó bá sá sẹ́yìn kọ́tìnnì. Táyọ̀ àbúrò rẹ̀ gbé ọmọ odó, ó ń gún odó òfìfo: gbì! gbì! gbì! Màmá ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, wọn ò tíì ka ogún tí ẹ̀rín fi pa Kíkẹ́. Nígbà tó yá, Màmá ka ọgọ́rùn-ún pé, ọmọ yìí ò mira.

"Ṣé mo lè ṣẹ́jú?" ó béèrè.

"Ṣẹ́jú dáadáa. Mí dáadáa. Ìyẹn ò ba fọ́tò jẹ́."

Ọjọ́ pé, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn. Àǹtí Bísí ló ń ya fọ́tò níbẹ̀. Kíkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ dáadáa. Jẹ́ kí n sọ àṣírí ẹ̀rọ yìí fún ọ. Òòfà ńlá ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń fa irin. Òòfà yìí kì í sinmi, tọ̀sán-tòru ló ń fa irin mọ́ra. Nítorí náà, irin kankan ò gbọdọ̀ bá wa wọlé."

Kíkẹ́ bọ́ yẹtí rẹ̀. Ó bọ́ síkẹ́ẹ̀tì tó ní sípù, ó wọ aṣọ ilé ìwòsàn. Màmá tó fẹ́ jókòó tì í náà bọ́ aago ọwọ́, wọ́n yọ pín-ìn kúrò nínú gèlè, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́, fóònù àti káàdì báńkì sílẹ̀. Àǹtí Bísí bi Màmá léèrè bóyá dókítà ti fi irin kankan sínú ara wọn rí. Ìgbà tí wọ́n ní rárá ni wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Kíkẹ́ wí, "tí Nẹ́pà bá mú iná ńkọ́?"

Àǹtí Bísí ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé. "Jẹnẹrétọ̀ wà. Ká tiẹ̀ ní kò ṣiṣẹ́, ọwọ́ lásán la fi ń fa ibùsùn yẹn jáde. Wò ó." Wọ́n fà á, ó sì yọ́ jáde wẹ́rẹ́.

Kíkẹ́ mí kanlẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀. Wọ́n fi fóòmù kékeré dí ihò etí rẹ̀, wọ́n fi ìbòtí ńlá lé e, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Wọ́n wá gbé nǹkan kan bí àkóto bò ó lórí. Iwájú ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, dígí kékeré kan sì wà lókè rẹ̀. Àyà Kíkẹ́ já. Omijé wá sí i lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo inú dígí náà, ó rí Màmá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí i.

"O lè sunkún díẹ̀," ni Àǹtí Bísí wí. "Kò sí ìyọnu." Wọ́n fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kan sí i lọ́wọ́. "Tí o bá fẹ́ mi, tẹ èyí. Tẹ̀ ẹ́ ná."

Kíkẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wììì! ló dún.

"O rí i? Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́, mo dé nìyẹn."

Ibùsùn gbéra wẹ́rẹ́. Iná wà nínú ihò náà, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ sí i lójú. Ohùn Àǹtí Bísí gba inú ìbòtí wọlé: "Kíkẹ́, ariwo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wáyà tó wà nínú ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n. Kò sí nǹkan tó máa já lù ọ́."

Kó, kó, kó, kó. Ó dákẹ́. Gbàn-gbàn-gbàn-gbàn! Ó dákẹ́. Dùùù, dùùù, dùùù. Kíkẹ́ ń fọkàn sọ wọ́n lórúkọ: èyí àkọ́kọ́ agogo, èyí kejì bàtá. Ìkẹta, kò mọ ìlù tó jọ ọ́, ó ní kó máa jẹ́ ìlù Táyọ̀.

Imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ bí imú ṣe ń ṣe! Ó fara dà á, ó fara dà á, kò lọ. Kíkẹ́ tẹ bọ́ọ̀lù.

Ariwo dá lójú ẹsẹ̀. "Kí ló dé, Kíkẹ́?"

"Imú mi ni mà."

Ibùsùn yọ́ jáde. Àǹtí Bísí tọwọ́ bọ ibi ojú àkóto, wọ́n bá a họ imú, Kíkẹ́ ní ó tó. Wọ́n bi í bóyá ká padà wọlé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún èyí tí imú bà jẹ́ yà, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ gbà tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní ìgbẹ̀yìn, oorun fẹ́ẹ̀ gbé Kíkẹ́ lọ nínú ìlù Táyọ̀.

Lẹ́yìn tó jáde, Àǹtí Bísí mú un lọ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó rí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, rìbìtì rìbìtì. Ó rí ọpọlọ rẹ̀ tó wé kọ́lọ́kọ́lọ́.

"Ṣé inú èyí ni táíìmùsì-tébù tí mo há sórí wà mà?"

"Inú rẹ̀ ni. Dókítà máa wo gbogbo fọ́tò yìí dáadáa, wọ́n á sì pe ìwọ àti Màmá láti sọ ohun tí wọ́n rí."

Ọmọkùnrin kan jókòó níta, ó di aṣọ bàbá rẹ̀ mú. Ó wo Kíkẹ́ bó ṣe ń fi yẹtí rẹ̀ sétí. "Ṣé ó ń dunni?"

"Kò dunni," ni Kíkẹ́ wí. "Ariwo rẹ̀ pọ̀ gan-an, ó pọ̀ ju odó lọ. Tí imú bá ń yún ẹ, tẹ bọ́ọ̀lù."