Lẹ́tà iṣẹ́: kàtúùnù òṣìṣẹ́ márùn-ún fún báńà iwájú ṣọ́ọ̀bù

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ojú títì Sáńgo sí Yunifásítì,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, 2026.

Ọ̀gbẹ́ni Adékúnlé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí a jọ sọ lórí fóònù ni mo kọ sílẹ̀ báyìí, kí ó má baà sí àṣìgbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ya àwọn òṣìṣẹ́ mi márààrún ní kàtúùnù láti inú fọ́tò wọn, fún báńà tí a máa gbé kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ kí oníbàárà tó dúró ní òdìkejì títì lè nawọ́ sí àwòrán kan kó ní, "Ìyá Rídíwánù nìyẹn." Mo sì fẹ́ kí Ìyá Rídíwánù fúnra rẹ̀ dúró lábẹ́ rẹ̀ kí orí rẹ̀ wú. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kù, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Fọ́tò mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní: ojú tààrà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, àti ọ̀kan níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ ibòji la ti yà wọ́n láàárọ̀, nítorí oòrùn ọ̀sán máa ń da òjìji sí ihò ojú, tí ojú ènìyàn á fi dà bí èyí tó jìn wọnú. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù la lò, láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, a wá fi kámẹ́rà fà á súnmọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá gbé fóònù súnmọ́ ojú ènìyàn jù, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ò ní mọ̀ pé fóònù ló ṣe é. Ẹ mú wọn láti Google Drive, níbi tí a ti sọ wọ́n lórúkọ báyìí: `bode_1.jpg` dé `bode_4.jpg`, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn yòókù. Ẹ má lo èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ti fún wọn pọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ti parẹ́ nínú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí fọ́tò kankan padà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹni méjì kọjú síra wọn. Aránṣọ ni wá, aṣọ tó wà lára wa ni oníbàárà máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ni bọ́tìnì máa ń wà, ihò rẹ̀ á wà ní òsì. Àpò agbádá, àyà òsì ló ń wà. Bí ẹ bá yí i, ó ti di iṣẹ́ tí kò dára lójú ẹni tó mọ aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn kọjú sí apá kejì, ẹ mú fọ́tò ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ tún un yà.

Ìyá Rídíwánù ló ń gé aṣọ. Híjáàbù rẹ̀ gbọ́dọ̀ bo ọrùn bó ṣe wà nínú fọ́tò, kí irun má sì yọ níwájú orí. Ó ní pélé mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo bi í léèrè, ó ní kí ẹ fi ilà òun sí i, nítorí náà ẹ má fi ṣe ohun tí ẹ ń pa rẹ́ kí ojú lè "mọ́". Ẹ yà á kó hàn gbangba, kó má sì dà bí ojú ọgbẹ́. Sísọ́ọ̀sì ńlá ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní pípadé, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀.

Bọ́dé ló ń ṣe mọ́nógíráàmù. Èjí rẹ̀ àti ẹ̀rín rẹ̀ ni gbogbo oníbàárà fi mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì náà ni kó fi mú ṣọ́ọ̀kì. Fìlà abetí ajá ló máa ń dé.

Bàbá Kẹ́hìndé ló ń lọ aṣọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ pá. Ẹ má tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba, ẹ má fún un ní ọ̀pá, kò sí èyí nínú fọ́tò rẹ̀. Ààrin ni kó dúró, kó má sì kéré sí àwọn ọmọdé. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ní wáyà, kì í ṣe eléèédú. Èéfín funfun díẹ̀ lè máa jáde lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn á jẹ́ kí a mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Fúnmi ló ń rán bùbá àti ìró. Awò ojú rẹ̀ yípo. Ẹ má jẹ́ kí gíláàsì bo ẹyinjú. Òun nìkan ló máa jókòó sídìí máṣíìnì. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló máa ń ṣi ibí yìí yà: kẹ̀kẹ́ tí a fi ọwọ́ yí máa ń wà ní ọ̀tún ẹni tó ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ á wà ní òsì rẹ̀. Bí ẹ bá yà á láti iwájú, kẹ̀kẹ́ náà á bọ́ sí òsì ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó.

Sàmúẹ̀lì ni ọmọṣẹ́, ọmọ ọdún 16. Ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Téèpù ni kó wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú ìlà díẹ̀ tó nípọn. Ẹ má kọ nọ́ńbà sára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè kà á láti òkèèrè. Ìyá rẹ̀ ti buwọ́ lu ìwé pé ká lo àwòrán rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù náà ti buwọ́ lu tiwọn.

Iṣẹ́ wọn àti ìṣesí wọn ni kí ẹ sọ di ńlá, ẹ má fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Orí lè tóbi díẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta gíga àwòrán, kí ojú lè hàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fẹ imú, ẹ má wú ètè, ẹ má sì mú àwọ̀ wọn mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Bọ́dé dúdú, Fúnmi pupa, àwọn tó kù wà láàárín. Bí gbogbo wọn bá ní àwọ̀ kan náà, a ti pàdánù ìdajì ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀. Mi ò fẹ́ ojú kan tí wọ́n kàn pààrọ̀ irun lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Báńà náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní fífẹ̀, mẹ́rin ní gíga. Ẹ fi íǹṣì méjì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n máa ṣẹ́ sẹ́yìn kí wọ́n tó lu òrùka irin sí i. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ íǹṣì 148 sí 52. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn dé etí yẹn, ṣùgbọ́n kí ojú àti ọ̀rọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n máa ṣẹ́ ní íǹṣì mẹ́rin, nítorí etí tí wọ́n ṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń lu òrùka sí. Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá lè gbé e, ẹ ṣe é ní ìdá mẹ́rin: íǹṣì 37 sí 13 ní 400 dpi. Píkísẹ́ẹ̀lì 14,800 sí 5,200 ló máa jẹ́, èyí sì tó fún báńà tí a ń wò láti òkèèrè.

Òpó iná kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń bo nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ní apá òsì pátápátá. Àwọ̀ lásán ni kó wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn á gba ẹsẹ̀ bàtà méje tó tẹ̀lé e, láti ìbàdí sókè. Mẹ́rin tó kù ní ọ̀tún ni ti ọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wà. Ìlà tó yí ara ká kò gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìdajì íǹṣì lọ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, ìlà ojú ìdá mẹ́rin íǹṣì. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀, títì á gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: ÀWA LA Ń RÁN AṢỌ YÍN. Kí lẹ́tà rẹ̀ ga tó íǹṣì mẹ́fà, torí ènìyàn máa kà á láti ẹsẹ̀ bàtà 60. Lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ ní íǹṣì mẹ́ta. Nọ́ńbà fóònù ti wà lórí pátákó, ẹ má fi sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ gidigidi. Fọ́ǹtì púpọ̀ ló lè kọ "ọ" àti "ó", àmọ́ tó bá kan "ọ́" nínú "Bọ́dé", àmì á fò kúrò lórí rẹ̀ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ dán fọ́ǹtì wò pẹ̀lú orúkọ márààrún kí ẹ tó yàn án, ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ di `Curves`, kí lẹ́tà di àwòrán lásán, kí fáìlì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, torí kọ̀ǹpútà wọn lè máà ní fọ́ǹtì yín.

Ìwọ̀-oòrùn ni ṣọ́ọ̀bù kọjú sí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń lù ú tààrà. Pupa àti ìyeyè ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, nítorí náà ẹ má fi pupa ṣe ẹ̀yìn. Mo fẹ́ funfun tó pọ́n díẹ̀ lẹ́yìn àwọn ènìyàn, kí apá ọ̀rọ̀ jẹ́ aró pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Ẹ lè fi bátànì àdìrẹ sí ibi aró, kó má ti dé ẹ̀yìn ojú ẹnikẹ́ni. CMYK, àwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ara dúdú ló ń bàjẹ́ jù lórí fléèsì tí wọ́n ń tẹ báńà sí: bí K, ìyẹn dúdú, bá pọ̀ nínú rẹ̀, á dà bí èédú, ojú àti irun á lẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí M àti Y, ìyẹn pupa àti ìyeyè, gbé àwọ̀ ara, kí dúdú pátápátá jẹ́ ti irun àti ìlà. Màá sanwó kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú Bọ́dé àti Fúnmi lórí ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ká gbé e síta wò, kí a tó tẹ gbogbo rẹ̀.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lórí lẹ́yà tirẹ̀, ní odidi, láì jẹ́ pé apá ẹlòmíràn gé e. Sàmúẹ̀lì máa gba fúríìdọ́ọ̀mù lóṣù Kejìlá. Mo fẹ́ lè yọ ọ́ kí n fi ọmọṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀ láì tún gbogbo báńà yà. Fáìlì tí màá gbà ni PDF fún títẹ̀, PNG márùn-ún tí ẹ̀yìn wọn ṣófo, àti fáìlì ojúlówó, ìbáà jẹ́ `.ai` tàbí `.cdr`.

₦20,000 ni orí kan, ₦100,000 fún márààrún. ₦30,000 fún títò báńà àti ọ̀rọ̀. Àpapọ̀ ₦130,000. Màá fi ₦65,000 ránṣẹ́ bí ẹ bá ti gbà, ìyókù lọ́jọ́ tí fáìlì bá pé. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó yìí: ọ̀kan lórí àwòrán pẹ́ńsù, ọ̀kan lórí àwọ̀. Bí mo bá tún béèrè lẹ́yìn ìyẹn, màá san ₦5,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé ẹ fi pẹ́ńsù hàn mí kí ẹ tó kun ohunkóhun, torí ojú tí kò jọni kò ṣeé fi àwọ̀ tún ṣe. Mo lè lo àwòrán náà lórí báńà, ráísíìtì, ọ̀rá àti WhatsApp wa. Ẹ lè fi han àwọn oníbàárà yín, kí ẹ sì kọ orúkọ yín sí igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, àmọ́ ẹ má tà á fún ẹlòmíràn.

Mo ń retí pẹ́ńsù ní Túsìdeè, ọjọ́ 21 oṣù yìí, àwọ̀ ní ọjọ́ 28, fáìlì tó pé ní Sátidé, ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún. Ìparí oṣù Karùn-ún ni Iléyá, aṣọ á sì ti máa wọlé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Báńà gbọ́dọ̀ ti wà lókè nígbà náà. Bí ọjọ́ wọ̀nyí kò bá rọrùn fún yín, ẹ sọ fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀ kí a tún wọn ṣe. Ẹ lè pè mí lẹ́yìn agogo méje alẹ́, nígbà tí máṣíìnì bá ti dákẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Arábìnrin Àbíkẹ́ Ọláwálé