Àkópọ̀ Òfin Ilé-iṣẹ́ fún Àtúnyẹ̀wò: Ilé-iṣẹ́ bí Ẹni Ọ̀tọ̀, Ṣíṣí Ìbòjú, àti Ojúṣe Olùdarí

Àkópọ̀ yìí wà fún àwa tí a jọ ń kàwé ní Àkúrẹ́ fún ìdánwò òfin ilé-iṣẹ́ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Orí mẹ́ta tí a máa ń kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kó sójú kan, nítorí ìbéèrè kan náà ló so wọ́n pọ̀: ta ló ni ohun ìní náà, ta ló jẹ gbèsè náà, ta sì ni olùdarí ń ṣiṣẹ́ fún? Àpẹẹrẹ kan ni n óò máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin kan ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ọ̀ndó àti Ìdànrè. Ó forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ìpín kan ṣoṣo, ó sì di gbogbo ìyókù mú. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá Oníkòkó.

Ilé-iṣẹ́ jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀

Abala 42 nínú Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní CAMA, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti di ẹni kan lójú òfin: ó lè ní ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, ikú onípín kan kò sì lè pa á. Kí ọjọ́ náà tó pé, kò tíì sí ẹni kankan níbẹ̀. Abala 18 ti fàyè gba ẹnì kan ṣoṣo láti dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìdáhùn yín mọ́ pé ó di dandan kí wọ́n pé méjì.

Ẹjọ́ Salomon, tí Ilé Àwọn Olóyè ní Ìlú Ọba dá ní ìparí 1896, tí a sì ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ti 1897, ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ ìtàn náà dáadáa, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan. Aron Salomon ń ṣe bàtà. Ó ta iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ó sì gba ìpín 20,000 pẹ̀lú ìwé gbèsè tó tó £10,000, èyí tí a fi ohun ìní ilé-iṣẹ́ ṣe ìdúró fún. Ìyàwó rẹ̀ àti márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìpín kọ̀ọ̀kan, kí iye ènìyàn lè pé méje tí òfin ìgbà náà béèrè. Nígbà tí ọjà kò yá mọ́ tí ilé-iṣẹ́ sì wó, ohun tó ṣẹ́ kù kò tó gbèsè, àwọn tí wọ́n tajà láwìn láìgba ohun ìdúró sì wà lọ́wọ́ òfo. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní aṣojú Salomon lásán ni ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ṣe ló ń di ohun ìní mú fún un. Ilé Àwọn Olóyè fagi lé èrò méjèèjì pẹ̀lú ohùn kan. Wọ́n ní bí ìforúkọsílẹ̀ bá ti bá òfin mu, ilé-iṣẹ́ ti di ẹni mìíràn pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló ń darí rẹ̀ tí èrè sì ń lọ sápò kan náà.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń pàdánù máàkì ni pé a máa ń ka ìdájọ́ yìí sí àǹfààní nìkan. Ó tún ń gé ọwọ́ onípín. Nínú ẹjọ́ Macaura, ní 1925, ọkùnrin kan ta igi gẹdú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ara rẹ̀ ló fi san owó adójútòfò lórí igi náà. Iná jó igi, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí pé igi náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹ wá wo Bàbá Oníkòkó: bí àpò kòkó bá wà ní ilé ìkẹ́rù sí ní Ọ̀ndó, tí ìwé ìrà wà ní orúkọ ilé-iṣẹ́, tí ìwé adójútòfò sì wà ní orúkọ Bàbá, òfo ni yóò bá. Ìdáhùn kan náà ni fún un bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló délẹ̀, àfi pé níbẹ̀ ìdájọ́ lè gbè é. Nínú ẹjọ́ Lee, ní 1961, awakọ̀ òfurufú ni ọ̀gbẹ́ni náà, òun ló ní ìpín 2,999 nínú 3,000, òun sì ni olùdarí. Síbẹ̀ nígbà tó kú sẹ́nu iṣẹ́, opó rẹ̀ gba owó gbà-má-bínú gẹ́gẹ́ bí aya òṣìṣẹ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ló gbà á síṣẹ́, kì í ṣe òun ló gba ara rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ẹ mẹ́nu kan ẹjọ́ Marina Nominees ti 1986. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé aṣojú lásán ni òun fún àwọn tó dá òun sílẹ̀, kí wọ́n má baà bu owó orí lé òun. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbà: ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ san owó orí ẹni ọ̀tọ̀.

Ṣíṣí ìbòjú

Ìbòjú ni a ń pe ààlà tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ilé-ẹjọ́ ṣí i kì í ṣe àṣà ojoojúmọ́, ẹ má sì kọ ọ́ bí ẹni pé adájọ́ lè ṣí i nígbà tí àánú bá ṣe é. Ọ̀nà méjì ló wà: ohun tí òfin fúnra rẹ̀ sọ, àti ohun tí àwọn adájọ́ ti fi ìdájọ́ gbé kalẹ̀.

Nínú ti òfin, abala 316 ló wúlò jù fún ìbéèrè bíi tiwa. Bí ilé-iṣẹ́ bá yá owó fún iṣẹ́ kan pàtó, tàbí tó gba owó àsansílẹ̀ lórí àdéhùn kan, tí wọ́n sì fi èrò jìbìtì kọ̀ láti lo owó náà fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á, olùdarí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yóò dá a padà láti àpò ara rẹ̀. Ẹ rò ó wò: oníbàárà kan san àsansílẹ̀ fún kòkó, Bàbá Oníkòkó sì fi owó náà parí ilé rẹ̀ ní Àkúrẹ́, láìní i lọ́kàn láti ra èso kan. Salomon kò lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó fi owó ra kòkó ní tòótọ́, tí ọkọ̀ wá dojú dé lójú ọ̀nà, àjálù ni, kì í ṣe jìbìtì, ilé-iṣẹ́ nìkan ló sì jẹ gbèsè náà. Èrò inú ni ẹ gbọ́dọ̀ tọpa. Abala 672 wà fún òwò tí a fi ẹ̀tàn ṣe láti rẹ́ àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó jẹ, èyí tó bá hàn nígbà tí wọ́n ń tú ilé-iṣẹ́ ká.

Nínú ti ìdájọ́, ẹ̀tàn ló gbawájú. Nínú ẹjọ́ Gilford, ní 1933, ọ̀gá àgbà kan ti ṣèlérí pé òun kò ní fa àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ mọ́ra; ó dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ láti máa ṣe ohun tí kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ilé-ẹjọ́ sì ká òun àti ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kò. Nínú ẹjọ́ Lipman, ní 1962, ẹni tó ti ta ilẹ̀ yí ọkàn padà, ó sì gbé ilẹ̀ náà fún ilé-iṣẹ́ kan tó rà kí òun má baà mú àdéhùn ṣẹ. Wọ́n pàṣẹ fún òun àti ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n fi ilẹ̀ náà lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wa sọ ohun tó jọ èyí nínú ẹjọ́ Alade àti ALIC ní 2010: a kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá sábẹ́ ilé-iṣẹ́ láti ṣe jìbìtì.

Ní ìdà kejì, ẹ kọ ẹjọ́ Adams àti Cape ti 1990, níbi tí ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ láti ṣí ìbòjú nítorí pé ìyá ilé-iṣẹ́ kan pín iṣẹ́ rẹ̀ sí àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ kí gbèsè ọjọ́ iwájú má baà kàn án. Ẹjọ́ Prest ti 2013 wá dín ọ̀nà náà kù: àfi bí ẹnì kan bá ti ní ojúṣe kan lọ́rùn tẹ́lẹ̀, tó sì fi ilé-iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ Ìlú Ọba kò de àwọn adájọ́ wa, wọ́n kàn lè yí wọn lọ́kàn padà ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba nínú ìdáhùn yín.

Ojúṣe àwọn olùdarí

Abala 305 ní ilé-iṣẹ́ fọkàn tán olùdarí, ó sì gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ inú bá a lò. Ilé-iṣẹ́ ni a jẹ ní ojúṣe yìí, kì í ṣe onípín tó ní ìpín tó pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló yàn án sípò. Ohun tó bá ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ láǹfààní ni yóò máa ṣe, yóò tọ́jú ohun ìní rẹ̀, yóò sì lo agbára rẹ̀ fún ìdí tí wọ́n torí rẹ̀ fún un. Òfin 2020 fi kún un pé kó ro ipa tí iṣẹ́ wọn ń ní lórí àyíká ìlú tí wọ́n wà. Ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ kò lè gba olùdarí sílẹ̀ lọ́wọ́ ojúṣe yìí.

Abala 306 ló kan ìkọlù àǹfààní, ìyẹn ìgbà tí àǹfààní olùdarí fúnra rẹ̀ bá tako ti ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ ni òfin ti le jù. Nínú ẹjọ́ Regal, ní 1942, ilé-iṣẹ́ sinimá kan kò lówó láti ra ju ìpín 2,000 nínú 5,000 lọ ní ilé-iṣẹ́ kékeré tó dá sílẹ̀, àwọn olùdarí àti àwọn mìíràn sì ra 3,000 yòókù. Wọn kò jalè, wọn kò purọ́, àǹfààní sì dé bá ilé-iṣẹ́ náà pàápàá. Síbẹ̀ àwọn olùdarí tó rà fún ara wọn dá èrè náà padà, nítorí pé ipò wọn ló gbé àǹfààní náà wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ìdájọ́ yìí rorò. Èmi rí i pé ó tọ́: bí òfin bá jẹ́ kí olùdarí máa ṣàlàyé pé ilé-iṣẹ́ kò lè rà á, òun nìkan ni yóò máa pinnu ohun tí ilé-iṣẹ́ lè rà. Bí Bàbá Oníkòkó bá gbọ́ níbi ìpàdé ilé-iṣẹ́ pé ilé ìkẹ́rù kan wà fún títà, tó sì rà á sí orúkọ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ Regal nìyẹn. Abala 303 ní kí olùdarí sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ bí ó bá ní ọwọ́ nínú àdéhùn kan pẹ̀lú ilé-iṣẹ́.

Abala 308 wà fún ìṣọ́ra àti ìmọ̀ṣẹ́: bí olùdarí olóye yóò ti ṣe nírú ipò bẹ́ẹ̀ ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Nínú ẹjọ́ Dorchester, olùdarí méjì tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú sí ilé-iṣẹ́ máa ń buwọ́ lu ìwé sọ̀wédowó tí a kò kọ nǹkan kan sí, ẹnì kẹta wọn sì ná owó náà nínàkúnàá. Gbogbo wọn ni ẹ̀bi kàn. Ìyàwó Bàbá Oníkòkó, bí òun náà bá jẹ́ olùdarí, kò lè sọ pé ìbuwọ́lù nìkan ni òun mọ̀.

Ní ti ìyọnípò, abala 288 fàyè gba àwọn onípín láti yọ olùdarí pẹ̀lú ìbò tó pọ̀ jù lásán, lẹ́yìn ìfitónilétí pàtàkì ọjọ́ 28.

Ta ló lè pe olùdarí lẹ́jọ́? Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ Foss àti Harbottle ti 1843 àti abala 341. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ bá tún ni ẹni tó ń darí, abala 346 fún onípín láǹfààní láti tọrọ àyè nílé-ẹjọ́ kó lè pe ẹjọ́ náà lórúkọ ilé-iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ni abala 251 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí fún. Fún ìyàwó Bàbá Oníkòkó, tó ní ìpín kan péré, èyí tó ń jókòó ní Àkúrẹ́ ni yóò lọ. Owó tí ilé-ẹjọ́ bá sì ní kí olùdarí san, àpò ilé-iṣẹ́ ni yóò wọ̀, kì í ṣe tirẹ̀.