Ìdáhùn sí ẹ̀sùn yín lórí aṣọ àdìrẹ 40

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2025

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́. Ìdúpẹ́ ọdún kan tí màmá ti lọ kì í ṣe ìnáwó tí ènìyàn ń ṣe léraléra. Kò yẹ kí aṣọ tí ẹ ti san owó rẹ̀ pé tún wá di ẹrù mìíràn lórí yín.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo sì gbọ́ ohùn yín tí ẹ gbà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ẹ ní aró ń ràn mọ́ ọrùn àti apá àwọn tó wọ̀ ọ́ wò. Ẹ ní ó kó àbàwọ́n bá búláòsì léèsì funfun ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Ẹ ní àwọn aṣọ kan dú dáadáa, àwọn kan sì kàn rí bí ojú ọ̀run lásán, bẹ́ẹ̀ aṣọ ẹbí kan náà ni. Ẹ tún ní ẹ pè mí nígbà mẹ́rin, n kò gbé e.

Ẹ̀yin lẹ jàre, lórí gbogbo rẹ̀ pátá. Ti fóònù yẹn gan-an ló dùn mí jù, nítorí mo rí ìpè yín. Ìtìjú ló dì mí lọ́wọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí n ó sọ kí n tó pè, ọjọ́ méjì sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n gbé e, kí n ní, "Àǹtí, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ẹ má bínú.

Gbogbo aṣọ 40 tí ọmọ yín gbé padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ti tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi áńkáṣíìfù funfun nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń ràn. Nínú 40, 29 dú bó ṣe yẹ. 11 ni kò dú tó. Nínú 11 yẹn, mo rí 3 tí apá méjèèjì aṣọ kò bára mu: ẹ mọ̀ pé ọ̀pá méjì àbọ̀ lọ́nà méjì la máa ń rán pọ̀ kó tó pé ọ̀pá márùn-ún. Wọn ò gbọdọ̀ ti ọwọ́ mi jáde rárá. Èmi ni mo ka iye aṣọ kí a tó dì í, iye ni mo kà, n kò wo ojú aṣọ.

Ohun tó fà á nìyí. Ìkòkò aró méjì la lò. Ti àkọ́kọ́ ti tó dáadáa, òun ló mú 29 yẹn jáde. Ìkejì kò tíì tó. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn pọ̀, ìkòkò tutù, èlú kò sì tètè ṣiṣẹ́ nínú omi eérú nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Ó yẹ kí a fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin sí i. Mo ti sọ fún yín pé ọjọ́ 1 oṣù Keje ni ẹ ó gba ẹrù, mo sì ní kí àwọn ọmọ máa rẹ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ìkánjú mi ni.

Ti pé ó ń ràn, ìyẹn wá láti ibi fífọ̀. Aró èlú yàtọ̀ sí aró òyìnbó púpọ̀. Nígbà tí a bá yọ aṣọ nínú ìkòkò, ó máa ń rí bíi àwọ̀ ewé ni. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló tó ń di aró lójú wa. Orí òwú ló ń jókòó sí, ìpele lórí ìpele, bí a ṣe ń rẹ ẹ́ tí a ń yọ ọ́. Èyí tó bá di òwú mú kì í lọ mọ́. Èyí tí kò dì í mú á dà bí àtíkè lórí aṣọ, òun ló sì ń lẹ̀ mọ́ ọrùn yín. Omi púpọ̀ ló ń gbé e kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan péré la fọ ti yín, nítorí oòrùn kò sí, a sì ń bẹ̀rù pé kò ní gbẹ.

Ẹ sọ pé àwọn kan ní kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti fínígà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná owó yín sí i. Kò ní ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n kò ní mú aró èlú dúró pẹ̀lú.

Lánàá, mo mú 1 nínú 29 yẹn, a fi omi kànga fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Omi àkọ́kọ́ dú bíi tàdáwà. Ẹ̀ẹ̀kẹfà, ẹ lè rí ìsàlẹ̀ ike. Ó ti gbẹ lábẹ́ òjìji láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo fi aṣọ funfun gbígbẹ nù ún, ó kàn fi àmì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ rárá. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sí yín lórí Wáàsáàpù, pẹ̀lú èyí tí a kò fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí ó ti ṣá díẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Bí gbogbo 29 yóò ṣe rí nìyẹn.

Ẹ ní kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kí ó dé Iléṣà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 19. Àǹtí mi, n kò lè ṣe é pé. Ó wù mí kí n dá yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irú "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ló kó wa dé ibi tí a wà yìí. Ọjọ́ tí ọwọ́ mi lè ká ni n ó sọ.

Àwọn 29 yẹn á dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18. Èmi fúnra mi ni n ó wọ mọ́tò gbé e wá, kí a jọ fi áńkáṣíìfù funfun yín nù ún lójú yín. Èyíkéyìí tó bá ṣì fi àmì tó hàn sílẹ̀, n kò ní bá yín jiyàn, n ó gbé e padà, n ó sì dá 18,000 náírà rẹ̀ padà. Àmọ́ mi ò ní sọ pé kò ní ràn mọ́ láéláé. Aró èlú tuntun á ṣì máa ràn díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tó bá làágùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ẹbí kí wọ́n má wọ léèsì funfun mọ́ ọn lọ́jọ́ ìdúpẹ́, kí wọ́n sì dá a fọ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn 11 ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè pé ṣé a ò lè kàn tún wọn rẹ sínú aró kí wọ́n dú. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ti yín. Ẹ̀kọ láfún tí a fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára aṣọ ló dí aró lọ́nà tí iṣẹ́ Olókun fi hàn ní funfun. A ti ha ẹ̀kọ yẹn kúrò. Bí a bá tún rẹ ẹ́ báyìí, aró á wọ ojú funfun, iṣẹ́ á sì pa rẹ́. Ó di dandan kí a bẹ̀rẹ̀ 11 tuntun láti orí aṣọ funfun.

Apá aṣọ 22 nìyẹn. Ènìyàn méjì ló ń kọ ẹ̀kọ lọ́dọ̀ mi, apá kan sì máa ń gba ẹnì kan ní ọjọ́ kan gbáko. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ọjọ́ 8, wọ́n á parí lọ́jọ́ 19, nítorí wọn kì í ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè. Láàárín ìgbà yẹn, ìkòkò aró tuntun á ti tó. Òní la da omi sórí eérú rẹ̀. A ó rẹ aṣọ láti ọjọ́ 21 títí dé ọjọ́ 25, lẹ́yìn náà ni híha ẹ̀kọ, fífọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, àti gbígbẹ. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31, ni yóò dé ọwọ́ yín. Ìyẹn fún télọ̀ yín ní ọjọ́ mẹ́jọ kí ọjọ́ ìdúpẹ́, ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ ọ́ láti ìsinsìnyí.

Òjò nìkan ni n kò lè bá ṣe àdéhùn. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 28, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, n ó pè yín. Bí ọjọ́ 31 kò bá ní ṣeé ṣe, ìgbà yẹn lẹ ó mọ̀, owó àwọn 11, 198,000 náírà, á sì wọ ákáǹtì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Aró òyìnbó lè tètè parí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò ní bá ti 29 mu, ẹ sì ti sọ fún mi níbẹ̀rẹ̀ pé èlú ni màmá fẹ́ràn.

Ẹ ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n dá gbogbo 720,000 náírà padà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀tọ́ yín ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé owó náà ti lọ sórí aṣọ funfun, èlú àti owó àwọn òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá yan èyí, n ó san 198,000 lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ọjọ́ 11, n ó san 261,000 lọ́jọ́ 31 oṣù yìí, n ó sì san 261,000 tó kù lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹjọ. N kò ní fi ìdí kankan bínú sí yín.

Ti léèsì ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi bílíìṣì kàn án kí n tó rí i, ó lè jẹ léèsì náà. N ó gbà á lọ́jọ́ 18. Bí àbàwọ́n náà kò bá lọ, n ó san owó léèsì àti owó télọ̀.

Èsì yín lórí fífọ àwọn 29 àti lórí àwọn 11, ẹ jọ̀ọ́, kí n rí i kí ilẹ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 9, tó ṣú. N kò ní fọwọ́ kan àwọn 28 tó kù títí ẹ ó fi wo àwòrán yẹn. Ti ẹ̀kọ, a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́la láìdúró. Bí ẹ bá yan owó, èmi ni mo ni àwọn aṣọ tuntun náà.

Ẹ lè pè mí nígbàkígbà láàárín agogo méje àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ọwọ́ mi ni fóònù wà, kì í ṣe ọwọ́ ọmọọṣẹ́ kankan. Bí n kò bá gbé e lójú ẹsẹ̀ nítorí aró wà lọ́wọ́ mi, n ó pè padà kí wákàtí kan tó pé.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín àti gbogbo ilé.

Èmi àbúrò yín,
Ìyá aláró yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun