Ẹsẹ̀ Àlàmú

Ọjọ́ tí ẹni tó ra máṣíìnì ìyá rẹ̀ fẹ́ wá gbé e ni Dàmọ́lá yọ dúrọ́ọ̀ kékeré abẹ́ rẹ̀ láti gbọn eruku inú rẹ̀ dànù. Bọ́bìn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì aránṣọ tó ti kán sí méjì, téèpù tí eku ti jẹ létí, àti fóònù kan tí wọ́n fi àkísà àǹkárá wé. BlackBerry Curve 8520, dúdú. Bátìrì rẹ̀ ti wú débi pé ó ti ti ìdérí ẹ̀yìn sókè.

Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni Dàmọ́lá ń ṣe ní Dùgbẹ̀, kò sì jẹ́ fi ṣájà sí irú fóònù bẹ́ẹ̀. Gáàsì ló máa ń wà nínú bátìrì tó bá wú. Bí irin bá gún un, iná lè sọ lójú ẹsẹ̀. Èékánná ló fi ṣí ìdérí náà, ó sì kọ ẹ̀yìn fóònù sí ilẹ̀ lórí abọ́ iyanrìn títí bátìrì fi jábọ́ fúnra rẹ̀. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n: fóltì 1.6. Bí bátìrì irú èyí bá ti lọ sílẹ̀ kọjá 2.5, ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ á ti pa ọ̀nà iná, ẹni tó bá sì fi tipátipá jí i ń wá ewu.

C-S2 ni fóònù náà ń lò. BL-5C tó kún gbogbo ìsọ̀ kò lè wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló tó rí ọ̀kan tí kò tíì wú nínú páálí àwọn fóònù òkú tí ọ̀gá rẹ̀ kó sábẹ́ tábìlì. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti sípírítì fọ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí bátìrì máa ń fara kan, nítorí wọ́n ti hu àwọ̀ ewé. Nígbà tó fi ṣájà sí i, iná pupa orí fóònù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ funfun, ó wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, kó tó wá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ Dàmọ́lá ti tutù. Fóònù yìí kì í gbàgbàkugbà: bí èèyàn bá tẹ àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kò sì sí ọ̀gá tó lè dá a padà. Ó tẹ ọdún ìbí ìyá rẹ̀. Rárá. Ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀, nọ́ńbà ilé wọn ní Mọ́níyà, orúkọ òun fúnra rẹ̀. Rárá, rárá, rárá. Nígbà tó ṣì í lẹ́ẹ̀karùn-ún, fóònù ní kó kọ́kọ́ tẹ `blackberry` kó tó lè tẹ̀ síwájú, kó lè dá a lójú pé kì í ṣe ọmọdé ló ń fi í ṣeré. Ó gbé e sílẹ̀. Ó jẹun. Ó fọ abọ́. Ní ààjìn ló rántí pé ìyá rẹ̀ kì í pè é ní Dàmọ́lá. Láti kékeré, oríkì ló fi ń pè é.

Ó tẹ `alamu`. Fóònù ṣí.

Àwọn oníbàárà ló pọ̀ jù nínú BBM náà: ẹni tó fẹ́ bùbá kó fún díẹ̀ sí i, ẹni tó ní ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan tí kò tíì mú aṣọ wá. Ẹni kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2010 tó sì dé 2013 láì já: Àǹtí Bísí, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àǹtí Bísí kan náà tí wọ́n ní kò wá sí ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí Dàmọ́lá kò sì kí rí ju “Ẹ ṣé mà” lọ nínú ẹgbẹ́ Wọ́ọ̀sáàpù ẹbí.

Oṣù Kẹjọ, 2010. “Bísí, ẹsẹ̀ Àlàmú ti di ínṣì 8.”
“Bàtà 33 nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Dúdú àbí bíráùn?”
“Dúdú. Bíráùn ò wọ ilé ìwé wọn.”

Oṣù Kejì, 2011. “Ó ti há. Ọkọ̀ ojú omi ti pẹ́ jù.”
“Ẹ ò wá fi ààyè sílẹ̀ nínú ìwọ̀n? Bí ẹ ṣe ń fi ààyè sílẹ̀ sínú aṣọ.”

Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà méjì ni ìyá rẹ̀ máa ń kọ, ti ẹsẹ̀ àti ti bàtà. “8 àti ìdá mẹ́rin. Ra ti 8 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.” Dàmọ́lá ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rántí ìwé ìròyìn tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀, tí ó máa dúró lé e láìwọ bàtà, tí pẹ́ńsùlù á máa rìn yípo ẹsẹ̀ rẹ̀, tí á sì máa rín in ní gìgísẹ̀. “Dúró gbọn-in. Má ká ìka ẹsẹ̀.” Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti rò pé aṣọ ni wọ́n fẹ́ rán.

Ọ̀rọ̀ náà korò ní Oṣù Kẹsàn-án, 2013. Ìyá rẹ̀ béèrè bàtà, ó tún béèrè àpò ìwé. Àǹtí Bísí fèsì: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé owó ni mò ń ṣà nílẹ̀ níbí ni?”
“Ó dáa.” Àmì R wà lára “Ó dáa” yẹn. Àǹtí Bísí kà á.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀sẹ̀ méjì kò sí nǹkan kan. Ìyẹn ni ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá rẹ̀ dè ní ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kù nísàlẹ̀, àmì pupa ẹni tí kò tíì kà á sì wà lára wọn kí Dàmọ́lá tó ṣí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ló sú mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ Àlàmú tó mélòó báyìí?”
“PING!!!”
“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.”

D ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ lójú Àǹtí Bísí ní Lọ́ńdọ̀nù: wọ́n dé, ẹnikẹ́ni ò ṣí wọn. Ká ní ayé BBM ṣì ń lọ ni, bí Dàmọ́lá ṣe ṣí i yìí, D á ti di R lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa BBM tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọjọ́ 31, Oṣù Karùn-ún, 2019, wọ́n sì ti yọ ọwọ́ kúrò lára àwọn fóònù àtijọ́ yìí pátápátá ní ọjọ́ 4, Oṣù Kìíní, 2022. Kò sí ibi tí R fẹ́ gbà kọjá.

Ó ya àwòrán ojú fóònù náà pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí kò mọ bí bátìrì àgbàbọ̀ náà ṣe máa pẹ́ tó. Mọ́kàndínlógójì ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fi bírò fa ìlà yí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ká. Nítorí pé eku ti jẹ téèpù inú dúrọ́ọ̀ yẹn létí, orí ínṣì 1 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n, ó sì yọ ọ̀kan kúrò lẹ́yìn náà.

Ó wá nọ́ńbà Àǹtí Bísí nínú ẹgbẹ́ ẹbí. Aago 1 òru ti kọjá. Ó kọ ọ́:

“Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí mi. Àlàmú ni. Ínṣì 10 àti ìdajì ni báyìí.”