Ìpìlẹ̀ Ìṣirò fún Ilé Ẹ̀kọ́ Alájà Mẹ́ta, Ọ̀nà Òṣogbo, Iléṣà

Sí Ẹnjiníà Olùyẹ̀wò Aládàádúró,

Ìwé yìí ṣàlàyé ohun tí a gbára lé kí a tó ya àwòrán irin, kí ẹ lè tún ìṣirò wa ṣe láìbi wá léèrè. Kọnkéré onírin ni ilé náà, BS 8110 ti ọdún 1997 ni a sì tẹ̀ lé. Ẹrù inú ilé wá láti BS 6399 apá kìíní, afẹ́fẹ́ láti CP3 orí karùn-ún, nítorí pé ìyára afẹ́fẹ́ tí a lò, 42 m/s, jẹ́ ti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta.

Dẹ́kìn nípọn 150 mm, tí ìwúwo ara rẹ̀ jẹ́ 3.6 kN/m². A fi 1.2 kún un fún ìrẹ́lẹ̀ àti táìlì, ó di 4.8. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ gba 3.0 kN/m², kọ́rídọ̀ àti àtẹ̀gùn gba 4.0, nítorí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kì í rọra jáde nígbà tí aago bá lù. Ìṣirò yàrá nìyí:

```
1.4 × 4.8 + 1.6 × 3.0 = 11.52 kN/m²
```

Orí bíìmù nìkan ni ògiri búlọ́ọ̀kù 225 mm jókòó lé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ògiri sáàárín dẹ́kìn lọ́jọ́ iwájú, ìṣirò yìí kò bo ó. A kò ka ilẹ̀ mímì sí.

Kọnkéré gbọ́dọ̀ dé 25 N/mm² ní ọjọ́ 28. Fún irin, a lo 410 N/mm², kì í ṣe 460. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a fi kálípà wọn ọ̀pá mẹ́fà tí wọ́n pè ní 12 mm lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, èyí tó kéré jù jẹ́ 11.2 mm, agbègbè rẹ̀ sì jẹ́ 98.5 mm² dípò 113. Síbẹ̀, 410 yìí kò sọ irin tín-ín-rín di ìtẹ́wọ́gbà: ọ̀pá tí kò bá péye yóò padà sílé ẹni tó tà á.

Ìpìlẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. A gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò mẹ́ta dé 2.5 m. Nínú méjì, ilẹ̀ pupa líle ló wà lókè, òkúta onídídán tó ti ń jẹrà sì wà nísàlẹ̀. A mú 150 kN/m² ní jíjìn 1.5 m. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìnkùlé, yàtọ̀: ilẹ̀ tó rọ̀, àfọ́kù òkúta funfun, àti eérú iná ní 1.8 m. Àwọn àgbà àdúgbò ní wọ́n ti wa góòlù níbẹ̀ rí. Nítorí náà, a sọ ìpìlẹ̀ òpó ìlà karùn-ún kalẹ̀ sí 2.5 m, a sì fi bíìmù ilẹ̀ so ó mọ́ ìlà kẹrin. Bí ẹ bá rò pé kòtò kan kò tó láti fi dá ilẹ̀ yẹn lẹ́jọ́, àwa náà ń rò bẹ́ẹ̀. A ti ní kí wọ́n gbẹ́ méjì sí i kí ẹnikẹ́ni tó da kọnkéré sí ìlà náà.